Èló Ni Ilé Yìí Lè Pa Lọ́dún?

Ọ̀rọ̀ àsọyé níbi ìpàdé àwọn onílé ní Àkóbọ̀, Ìbàdàn

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin onílé gbogbo, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ kú ìpàdé. Alága, mo júbà. Akọ̀wé, ẹ ṣeun tí ẹ pè mí. Mo rí àwọn ayálégbé díẹ̀ láàárín wa. Ẹ káàbọ̀, ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin náà.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni pé mo máa ń wá ayálégbé sílé, mo sì máa ń bá onílé bójú tó ilé wọn. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù ni pé, "Fúláàtì mi ti ṣófo, èló ni kí n pè é?" Kí n tó dáhùn, onílé á ti dá ara rẹ̀ lóhùn. Ọ̀kan á ní, "Ṣé ẹ mọ iye tí mo fi kọ́ ilé yìí? Ṣé ẹ mọ iye tí wọ́n ń ta àpò sìmẹ́ǹtì?" Òmíràn á ní, "Ọ̀rẹ́ mi ní Bódìjà ń gba mílíọ̀nù kan ààbọ̀." Ẹlòmíràn á ní owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ òun ti pé, iye tí òun nílò nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Ẹni tó ń wá ilé, ṣé ó bá yín ra sìmẹ́ǹtì? Ṣé òun ló bí ọmọ yín? Ohun tó wà lójú rẹ̀ ni ilé mẹ́ta mìíràn tó lọ wò lánàá ní àdúgbò kan náà. Wọ́n ti pe iye kan fún un níbẹ̀, ó sì ń fi ilé yín wé wọn. Ohun tí òun ń ṣe lójú ọ̀nà yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà máa ṣe kí ẹ tó dá owó lé ilé. Mo pín ọ̀rọ̀ mi sí ọ̀nà márùn-ún, ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta ni mo máa pẹ́ lórí rẹ̀ jù, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà.

Èkíní: ilé wo ló jọ ilé wo?

Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Bí ẹ bá dúró sí ìta, gbogbo fúláàtì oníyàrá méjì ló jọra. Wọ́n ní fẹ́ǹsì, wọ́n ní géètì, wọ́n kun ọ̀dà. Inú ibẹ̀ ni wọ́n ti yàtọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fi àdúgbò dè é mọ́lẹ̀. Bódìjà kì í ṣe Àkóbọ̀. Kódà láàárín Àkóbọ̀ níbí, ilé tó wà létí títì ọlọ́dà ní Ojúrin kò jọ ilé tí èèyàn ní láti gun ọ̀kadà wọ inú kó tó dé. Ibi tí ẹ ti máa wá ilé tí ẹ fẹ́ fi wé tiyín ni òpópónà yín fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà òpópónà kejì àti ẹ̀kẹta. Bí ẹ bá ti kọjá ibi tí ayálégbé lè fẹsẹ̀ rìn dé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ máa ṣọ́ra.

Nǹkan méjì wà tó lè mú kí òpópónà méjì tó tẹ̀lé ara wọn yàtọ̀ bí ọ̀sán àti òru. Ọ̀kan ni iná. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024 tí ìjọba ti gbé owó iná àwọn tó wà ní Bándì A sókè, a mọ̀ pé wọ́n ní kí iná máa wà níbẹ̀ fún ogún wákàtí lójúmọ́ ó kéré tán, owó rẹ̀ sì pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ dáadáa. Òpópónà yín lè wà lórí láìnì yẹn kí èyí tó tẹ̀lé e má sí lórí rẹ̀. Èkejì ni omi òjò. Àwọn tó wà ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 kò lè gbàgbé bí àgbàrá ṣe gbé ilé àti èèyàn lọ. Láti ìgbà náà, ayálégbé tó gbọ́n máa ń béèrè ibi tí odò wà kó tó béèrè iye yàrá. Ilé tó wà ní ìsàlẹ̀ létí odò kò ṣe é fi wé èyí tó wà lókè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ògiri méjì péré ló là wọ́n.

Lẹ́yìn àdúgbò ni inú ilé. Ẹ mú téèpù dání. Mo ti rí "yàrá méjì" tí yàrá kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12, mo sì ti rí "yàrá méjì" tó jẹ́ 10 sí 10. Tí ẹ bá gbé bẹ́ẹ̀dì ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 6 sínú èyí kejì yẹn, ilẹ̀kùn wọ́dùróòbù kò ní í ṣí tán. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ilé kan náà kọ́.

Ẹ ṣí ẹ̀rọ omi fúnra yín. Ẹ má gbà á lẹ́nu ẹnikẹ́ni pé bohó wà. Ẹ béèrè pé tí iná bá lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, ta ló ń ra epo sí jẹ́nẹ́rétọ̀ tó ń fa omi? Bí gbogbo ayálégbé bá ń dá owó epo, owó ilé nìyẹn náà, orúkọ mìíràn ló ń jẹ́. Ẹ lọ wo ibi tí mítà wà. Ṣé fúláàtì kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, àbí ìdílé mẹ́rin ló ń pín ọ̀kan? Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ẹ lọ wò ó kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ilé mẹ́ta tí ẹ mọ inú àti ìta wọn dáadáa sàn ju ilé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ẹ gbọ́ lẹ́nu èèyàn.

Èkejì: owó tí wọ́n san, kì í ṣe owó tí wọ́n pè

Onílé á kọjá níwájú ilé kan, á rí i tí wọ́n kọ "Ilé wà fún yíyá" sára géètì. Á pe nọ́ńbà tó wà níbẹ̀, wọ́n á ní mílíọ̀nù kan àti ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún. Á yọ̀ dé ilé. Á ní, "Ẹ ò rí i? Iye tí wọ́n ń gbà lójú pópó yìí nìyẹn."

Ṣé iye tí wọ́n ń gbà nìyẹn? Rárá o. Iye tí wọ́n ń pè é ni. Ilé náà ṣì ṣófo, èèyàn kankan kò tíì san án. Bí ó bá ti pé oṣù mẹ́jọ tí àkọlé yẹn ti wà lára géètì, ohun tó ń sọ fún yín ni pé àdúgbò yìí kò lè san mílíọ̀nù kan àti ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún fún irú ilé bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ ọ́ sí apá ibi tí owó kò gbọdọ̀ dé. Bẹ́ẹ̀ náà ni iye tí ẹ bá rí lórí ẹ̀rọ ayélujára. Ẹnu ọlọ́jà ni, kì í ṣe ọwọ́ oníbàárà.

Owó ayálégbé àtijọ́ náà kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ẹni tó ti ń gbé ibẹ̀ láti ọdún mẹ́fà, tó ń san ₦450,000, àjọgbé òun àti onílé ló wà nínú owó yẹn. Ẹni tuntun tó kó wọlé láàárín oṣù mẹ́fà sẹ́yìn ni ẹ ń wá. Bí nǹkan ṣe ń gbówó lórí lóde òní, owó tí wọ́n san ní ọdún kan ààbọ̀ sẹ́yìn ti di ìtàn.

Báwo la ṣe ń mọ iye tí wọ́n san gan-an? Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ó ju èje lọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ajẹ́ntì, á sọ iye kan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó kó wọlé, á sọ òmíràn. Ó lè má sí irọ́ níbẹ̀. Ẹni tó kó wọlé ń ka owó ilé, owó àgírímẹ́ǹtì, owó kọmíṣọ̀n àti owó kọ́ṣọ̀n pa pọ̀. Ajẹ́ntì ń ka owó ilé nìkan. Nítorí náà ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń bi wọ́n: "Èló ni wọ́n máa san lọ́dún kejì?" Lọ́dún kejì, kò sí àgírímẹ́ǹtì, kò sí kọmíṣọ̀n. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni owó ilé. Ẹ bi ajẹ́ntì, ẹ bi ayálégbé, ẹ bi ẹni tó ń bójú tó ilé náà, kí ẹ bi wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹnu méjì bá bára mu, ẹ kọ ọ́.

Ẹ tún béèrè ọdún mélòó ni wọ́n san lẹ́ẹ̀kan. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Èkó, òfin ilé gbígbé ọdún 2011 kò fàyè gba kí onílé gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Síbẹ̀, káàkiri ilẹ̀ wa, àwọn kan ṣì ń gba ọdún méjì. Ẹni tó san ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà sábà máa ń gba ẹ̀dínwó. Bí ẹ kò bá béèrè, ẹ máa fi owó ẹ̀dínwó wé owó gidi.

Ẹ̀kẹta: bí a ṣe ń ṣe ìdọ́gba

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi níbí o.

Kò sí ilé méjì tó jọra délẹ̀délẹ̀. Bí a bá ti rí ilé mẹ́ta tí a mọ owó wọn, a ní láti yọ kúrò tàbí kí a fi kún un, kí wọ́n lè dà bíi tiwa. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń yí i padà ni pé wọ́n ń fi owó kún tiwọn, wọ́n ń yọ owó kúrò nínú tiwọn. Tiwa kò tíì ní owó kankan! Owó ilé tí a ti mọ̀ ni a ń tún ṣe. Bí ilé ọ̀hún bá dára ju tiwa lọ, a ó yọ owó kúrò lára owó rẹ̀. Bí tiwa bá dára jù ú lọ, a ó fi owó kún owó rẹ̀. Mo tún un sọ: ilé wọn dára jù, ẹ yọ ọ́, ilé yín dára jù, ẹ fi kún un.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé kan ṣe é. Màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì ní fúláàtì oníyàrá méjì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Yàrá kan ní balùwẹ̀ tirẹ̀, èkejì ń lo ti gbogbo ilé. Bohó wà, táǹkì wà lórí òpó irin, mítà jẹ́ ti fúláàtì náà nìkan. Àyè wà fún ọkọ̀ kan. Òpópónà kò ní ọ̀dà. Àwọn ọmọ Màmá ní kí wọ́n gbà mílíọ̀nù kan àti igba ẹgbẹ̀rún. Mo ní kí wọ́n fún mi láyè díẹ̀.

Ilé àkọ́kọ́ tí mo rí wà lórí títì ọlọ́dà. Wọ́n gbà ₦900,000 lọ́wọ́ ẹni tó kó wọlé ní oṣù mẹ́ta ṣáájú ìgbà náà. Ó ní omi, ó ní mítà tirẹ̀, ó ní àyè ọkọ̀ kan, bíi ti Màmá. Ohun méjì ló fi dára ju ti Màmá lọ: títì ọlọ́dà yẹn, àti pé yàrá méjèèjì ló ní balùwẹ̀. Mo yọ ₦70,000 nítorí títì, mo yọ ₦50,000 nítorí balùwẹ̀. Ó ku ₦780,000.

Ilé kejì wà ní òpópónà Màmá gan-an. Wọ́n gbà ₦700,000. Yàrá rẹ̀ àti balùwẹ̀ rẹ̀ rí bákan náà. Ṣùgbọ́n ìdílé mẹ́rin ló ń pín mítà kan níbẹ̀, omi kànga sì ni wọ́n ń fi pọ́ńpù fà, tó máa ń gbẹ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ti Màmá ló dára jù. Mo fi ₦60,000 kún un nítorí mítà, mo fi ₦40,000 kún un nítorí omi. Ó di ₦800,000.

Ilé kẹta wà ní òpópónà kejì. Wọ́n gbà ₦750,000. Ó jọ ti Màmá jù lọ. Kò ní àyè ọkọ̀, nítorí náà mo fi ₦40,000 kún un. Ṣùgbọ́n ilé ìdáná rẹ̀ ní kábínẹ́ẹ̀tì tuntun lókè nílẹ̀, ti Màmá sì ti hu. Mo yọ ₦30,000. Ó di ₦760,000.

Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe wá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ₦700,000, ₦750,000 àti ₦900,000, ọ̀nà wọn jìn síra. Nígbà tí a tún wọn ṣe tán, wọ́n kóra jọ sáàárín ₦760,000 sí ₦800,000. Bí ìdọ́gba bá dára, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Bí ọ̀kan bá yapa pátápátá lẹ́yìn tí ẹ ti tún un ṣe, ohun kan wà tí wọn kò sọ fún yín nípa ilé yẹn. Ó lè jẹ́ ẹbí onílé ló wà níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé wọ́n san ọdún méjì. Ẹ padà lọ béèrè, tàbí kí ẹ yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mo kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, mo pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, ó fún mi ní ₦780,000. Mo wá sọ fún Màmá pé ₦780,000 ni ilé yìí, kí wọ́n pè é ní ₦800,000 kí àyè wà fún ìdúnàádúrà.

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn yín. "Ta ló sọ fún ẹ pé mítà jẹ́ ₦60,000?" Ìbéèrè tó dára ni. Àwọn ilé fúnra wọn ló sọ ọ́. Fúláàtì mẹ́rin wà nínú ilé kan ní àdúgbò yẹn. Méjì ní mítà tirẹ̀, méjì ń pín ọ̀kan. Onílé náà fún ayálégbé tuntun ní ọ̀kan nínú irú kọ̀ọ̀kan láàárín oṣù kan náà. Odi kan náà, omi kan náà, géètì kan náà. Owó wọn fi ₦60,000 jura lọ. Kí ni nǹkan mìíràn tó lè fà á? Mítà ni. Irú méjì bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa wá: ilé méjì tó jọra nínú gbogbo nǹkan, àfi ẹyọ kan. Tí ẹ kò bá rí irú rẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wá wo ilé tí wọn kò gbà á. Ẹ ní, "Ká ní títì dára ni, èló lẹ máa lè san?" Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn, ẹ ó rí ibi tí ohùn wọn ti pàdé. Àwọn iye tí mo sọ yìí, ti àdúgbò yẹn ní àsìkò yẹn ni o. Ẹ má kó wọn lọ sí Apẹ́tẹ́ tàbí Oríta Challenge.

Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ má fi iye tí nǹkan ná yín díwọ̀n iye tó máa mú wọlé. Bàbá kan ṣe pí-ó-pí aláràbarà sí àjà pálọ̀, iṣẹ́ ńlá, ó rẹwà. Bàbá fẹ́ kí owó ilé fi igba ẹgbẹ̀rún ròkè nítorí rẹ̀. Àwọn tó wá wo ilé náà gbójú sókè, wọ́n ní ó dára, wọ́n sì béèrè pé, "Omi ńkọ́?" Omi kò sí. Obìnrin tó ń ru korobá omi gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kì í wo àjà. Ká ní owó táǹkì àti pọ́ńpù ni Bàbá kọ́kọ́ ná, owó ilé ìbá ròkè ju bí pí-ó-pí ṣe gbé e lọ.

Ẹ̀kẹrin: apá àwọn tó ń gbé ibẹ̀

Ìdọ́gba ti sọ ₦780,000. Ṣé ó ti tán? Kò tíì tán. A ní láti wo ẹni tó máa san án.

Ní oṣù Keje ọdún 2024, owó oṣù tó kéré jù lórílẹ̀-èdè yìí di ₦70,000. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wá kéde ₦80,000 fún òṣìṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹni tó ń gba ₦80,000 lóṣù, ₦960,000 ló máa gbà lọ́dún. Tó bá san ₦780,000 fún ilé, ₦180,000 péré ló máa kù tí ìdílé máa fi jẹun fún odindi ọdún kan. Nítorí náà, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ayálégbé fúláàtì Màmá, bó ti wù kó fẹ́ràn rẹ̀ tó.

Ta wá ni? Ohun tí mo máa ń fi ṣe òṣùwọ̀n ni pé kí owó ilé má ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó tó ń wọlé fún ìdílé náà lọ. ₦780,000 lọ́dún jẹ́ ₦65,000 lóṣù. Ìdílé tó lè gbé e láìfọwọ́gbọ̀n gbọ́dọ̀ máa rí bíi ₦195,000 lóṣù. Tọkọtaya tí àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì, tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ìyàwó rẹ̀ ń tajà ní ọjà Bódìjà. Ṣé irú wọn ń gbé Àkóbọ̀? Wọ́n ń gbé ibẹ̀. Ẹ dúró sí ẹnu ọ̀nà òpópónà yín láago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀, kí ẹ wo àwọn tó ń jáde lọ síbi iṣẹ́ àti ohun tí wọ́n ń wọ̀. Ọkọ̀ ni, ọ̀kadà ni, àbí ẹsẹ̀?

Ohun tí ẹ bá rí yẹn ló máa sọ ohun tí wọ́n ń sanwó fún. Àyè ọkọ̀ jẹ́ ₦40,000 lójú ẹni tó ní ọkọ̀. Lójú ẹni tó ń wọ ọ̀kadà, òfo ni. Iná Bándì A ń wu ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà nílé, ṣùgbọ́n mo ti rí ìdílé tó sá kúrò níbẹ̀ torí pé owó iná oṣù kan fẹ́rẹ̀ẹ́ bá owó ilé oṣù kan dọ́gba. Ní tòsí Yunifásítì Ìbàdàn, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba sẹ́fù-kọ́ńtéènì kò bìkítà nípa àyè ọkọ̀, ó fẹ́ kí ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ sún mọ́ ọn kí géètì sì ní ẹ̀ṣọ́. Ìka kò dọ́gba. Ohun tí ẹ̀yin fẹ́ràn nínú ilé yín lè má jẹ́ nǹkan kan lójú ẹni tó ń bọ̀.

Ohun mìíràn wà tí àwa onílé kì í sábà rí. Ayálégbé lè ní agbára ₦65,000 lóṣù, kó má sì ní ₦780,000 lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Àjọ ló ń dá, kọpẹrétífù ló ń yá a. Bí ẹ bá tún fi àgírímẹ́ǹtì, kọmíṣọ̀n àti kọ́ṣọ̀n lé e, tí àpapọ̀ wá lé ní mílíọ̀nù kan, ẹ ti lé ẹni tó yẹ kó gbé ibẹ̀ dànù, owó ilé gan-an kọ́ ló sì lé e. Bí ilé méjì bá jọra, tí owó wọn dọ́gba, èyí tí owó ìkówọlé rẹ̀ kéré ló máa kọ́kọ́ rí èèyàn. Ẹ lè dín kọ́ṣọ̀n kù láìfọwọ́ kan owó ilé. Ẹ rò ó wò.

Ẹ̀karùn-ún: ohun tí ilé tó ṣófo ń jẹ

Èyí kò ní pẹ́. Ilé tó ń pa ₦780,000 lọ́dún ń jẹ ₦65,000 ní oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá fi ṣófo. Onílé tó ní òun kò ní gbà kó dín ní ₦840,000, ₦60,000 ló ń lépa. Oṣù kan péré tí ilé bá fi ṣófo, owó tó ń lépa ti lọ, ó sì ti fi ₦5,000 kún un. Oṣù mẹ́rin ńkọ́? Àwọn ọmọ Màmá tí wọ́n ní kí a gbà mílíọ̀nù kan àti igba ẹgbẹ̀rún, ká ní ilé náà dúró fún oṣù mẹ́rin, ₦260,000 ni ìbá bá a lọ, géńdé kan á sì tún ní láti máa wá ro àyíká rẹ̀ kí koríko má bàa bò ó.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá owó tí ẹ pè kò tọ́? Ilé fúnra rẹ̀ á sọ. Bí ẹnikẹ́ni kò bá pè yín láti wá wò ó, tí ìpolówó sì lọ síta dáadáa, owó náà ti lé èèyàn dànù láti òkèèrè. Bí wọ́n bá ń wá wò ó ṣùgbọ́n tí wọn kò padà wá, inú ilé kò bá owó mu, nǹkan kan wà níbẹ̀ tí ẹ kò yọ owó rẹ̀. Ẹ bi wọ́n ní ohun náà, wọ́n á sọ. Bí ẹni àkọ́kọ́ tó wò ó bá fẹ́ san lójú ẹsẹ̀ láìná an rárá, tí ẹni kejì àti ẹ̀kẹta sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ gbé e fún àwọn, ẹ ti pè é wálẹ̀ jù. Ti Màmá, àwọn tó wò ó ná an, wọ́n pè é ní ₦720,000, wọ́n pè é ní ₦750,000, tọkọtaya kan sì gbà á ní ₦780,000 kí oṣù náà tó parí.

Ọ̀rọ̀ tó kù tí mo ní, iṣẹ́ ni mo fẹ́ gbé fún ẹgbẹ́ yìí. Ẹ wò ó, gbogbo wa tí a jókòó níbí la ní owó tí ayálégbé tuntun san fún wa lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni kò sì mọ ti ẹnìkejì. Akọ̀wé ti ní ìwé kan níwájú wọn. Bí ẹ bá fún ẹnikẹ́ni nílé láàárín oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ òpópónà yín, iye yàrá àti balùwẹ̀, bí omi àti mítà ṣe rí, oṣù tí ẹni náà kó wọlé àti iye tó máa san lọ́dún kejì. Ẹ má kọ orúkọ ayálégbé, ẹ má sì kọ nọ́ńbà ilé. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọ ọ́, kí ìwé náà máa yí ká, lẹ́yìn náà màá gba ìbéèrè. Ẹni tó bá ní ilé tó ṣófo lọ́wọ́lọ́wọ́ ni màá kọ́kọ́ dá lóhùn, a ó sì fi ohun tó wà nínú ìwé yẹn bá a ṣírò rẹ̀ níṣojú gbogbo wa. Ẹ ṣeun o.